Ìdí tí 10% ọdọọdún fi lè jẹ owó ẹni ju 15% ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo lọ

Ká mú òṣìṣẹ́ kan l'Óṣogbo tó ń gba ₦250,000 lóṣù, ìyẹn ₦3,000,000 lọ́dún. Owó-orí tí wọ́n ń yọ lára owó-oṣù ẹ̀, kò sí bí ò ṣe ní mọ̀ ọ́n, ó wà lórí bébà owó-oṣù níbi tí wọ́n kọ PAYE sí, inú sì lè máa bí i tó bá ti rí i. Àmọ́ èyí tí báǹkì ń yọ lára èlé kí wọ́n tó fi ìyókù sí àkáǹtì, ọ̀pọ̀ èèyàn ò kà á sí nǹkan kan, wọ́n á ní ṣebí 10% ni. Ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà, torí pé tó bá fi máa di ogún ọdún, 10% yẹn lè ti fa àdánù tó ju ti owó-oṣù lọ.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ti owó-oṣù. Òfin owó-orí tuntun tí wọ́n bu ọwọ́ lù lọ́dún 2025 bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní January 1, 2026, ohun tó sì sọ ni pé ₦800,000 àkọ́kọ́ lọ́dún ò ní owó-orí rárá, ₦2,200,000 tó tẹ̀ lé e ní 15%, ₦9,000,000 tó tún tẹ̀ lé ìyẹn ní 18%, bẹ́ẹ̀ ló ń gòkè lọ títí dé 25% fún àwọn tí owó wọn ju ₦50,000,000 lọ. Kì í ṣe gbogbo owó ẹni ló ń bọ́ sí ìpele tuntun o, apá tó kọjá ààlà nìkan ni, torí náà kò sí pé wọ́n fi kún owó-oṣù ẹnì kan, kí èyí tó ń mú délé wá kéré sí ti tẹ́lẹ̀ tìtorí owó-orí. Òṣìṣẹ́ wa yìí, ká ní 8% pẹ́ńṣàn ẹ̀ jẹ́ ₦240,000, ó sì ń san ₦300,000 fún ilé lọ́dún, òfin gbà á láyè kó yọ ìdá márùn-ún owó ilé náà kúrò, ìyẹn ₦60,000. Ó ku ₦2,700,000. Wọ́n á yọ ₦800,000 tí kò ní owó-orí kúrò níbẹ̀, wọ́n á gba 15% lórí ₦1,900,000 tó kù, ó jẹ́ ₦285,000 lọ́dún, ₦23,750 lóṣù. Àpò ìjọba Ọ̀ṣun ló ń lọ, torí pé ìpínlẹ̀ téèyàn ń gbé ló ń gba PAYE.

Wàyí o, ká sọ pé ó fẹ́ fi ₦1,000,000 pamọ́ fún ọjọ́ iwájú, látinú apá owó ẹ̀ tí 15% ń dé. Kó tó fọwọ́ kàn án, ₦150,000 ti lọ, ₦850,000 ló ṣẹ́ kù. Ká fi ₦850,000 yìí sí ibi tó ń mú 15% èlé wá lọ́dún (èlé kì í dúró sójú kan fún ogún ọdún o, ìṣirò la fẹ́ kó rọrùn), ká má fọwọ́ kan ojú owó, ká má sì ná èlé, kí èlé máa gun orí èlé. Lẹ́yìn ogún ọdún, tí ẹnikẹ́ni ò bá yọ nǹkan kan mọ́, ó máa di nǹkan bíi ₦13,910,000. Ká ní wọn ò yọ ₦150,000 yẹn ní ìbẹ̀rẹ̀ ńkọ́? Ì bá di ₦16,370,000. Ìyàtọ̀ àárín méjèèjì tó ₦2,455,000, ó pọ̀ lóòótọ́, àmọ́ 15% náà ló ṣì jẹ́, kò lé, kò dín. Owó-orí owó-oṣù ń gé owó kúrú lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, lẹ́yìn ìyẹn kò dí ìdàgbàsókè ẹ̀ lọ́wọ́ mọ́.

Ti èlé kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Báǹkì á ṣírò èlé, á yọ 10% ẹ̀ fún ìjọba, á wá fi èyí tó kù sí àkáǹtì, téèyàn bá wo àkọsílẹ̀ àkáǹtì dáadáa á rí ìlà kan tí wọ́n kọ WHT sí. Lọ́dún àkọ́kọ́, èlé lórí ₦850,000 jẹ́ ₦127,500, wọ́n yọ ₦12,750 níbẹ̀. Ta ló máa bá báǹkì jà nítorí ₦12,750? Àmọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé 15% tí owó náà fi ń dàgbà ti di 13.5%, kò sì ní padà di 15% mọ́ ní gbogbo ogún ọdún yẹn. Tó bá parí, dípò ₦13,910,000, ₦10,700,000 lèèyàn máa bá níbẹ̀. Àdánù ₦3,210,000 nìyẹn, ó ju ₦2,455,000 tí owó-orí owó-oṣù fà lọ, bẹ́ẹ̀ 10% ni wọ́n pè é. Téèyàn bá wò ó dáadáa, ó jẹ́ bíi 23% owó tó yẹ kó wà níbẹ̀.

Èyí tó yani lẹ́nu jù ni pé ìjọba gan-an ò rí ₦3,210,000 yẹn gbà. Téèyàn bá ro gbogbo ohun tí báǹkì yọ fún ogún ọdún pọ̀, kò ju nǹkan bíi ₦1,094,000 lọ. Ibo ni ₦2,100,000 tó kù wá wọlé sí? Kò wọlé sí àpò ẹnikẹ́ni nínú ìṣirò yìí, èlé tí owó tí wọ́n yọ ì bá ti mú wá ni, àti èlé tí èlé yẹn náà ì bá ti bí. Bí ẹní ń bù nínú èbù iṣu lọ́dọọdún ni, èyí tó jẹ ò tó nǹkan, àmọ́ ebè tí ò kọ nítorí ẹ̀ ló pọ̀.

Ẹ wá wo ohun tó máa ṣẹlẹ̀ tí wọ́n bá gba 10% kan náà, àmọ́ tí wọ́n fi sílẹ̀ di ìparí. Owó á dàgbà dé ₦13,910,000 láìsí ìdíwọ́, èrè inú ẹ̀ jẹ́ ₦13,060,000, wọ́n á yọ ₦1,306,000, ₦12,600,000 á ṣẹ́ kù. Ìjọba gbà ju ti àkọ́kọ́ lọ, olówó náà sì ní tó nǹkan bíi ₦1,900,000 ju ti àkọ́kọ́ lọ. 10% náà ni o, ìgbà tí wọ́n yọ ọ́ nìkan ló yàtọ̀.

Ìdí nìyí tí ṣíà àti ilẹ̀ fi ń ṣe yàtọ̀ sí owó tó wà ní báǹkì. Tí ṣíà tẹ́nì kan rà bá lọ sókè, kò sẹ́ni tó máa gba owó-orí lórí ẹ̀ títí dọjọ́ tó bá tà á. Lábẹ́ òfin tuntun, tí owó tó tà á bá kéré ju ₦150,000,000 lọ láàárín oṣù méjìlá, tí èrè ẹ̀ ò sì ju ₦10,000,000 lọ, kò ní san kọ́bọ̀ lórí èrè yẹn. Owó tí iléeṣẹ́ ń pín fáwọn tó ní ṣíà ni wọ́n ń yọ 10% lára ẹ̀ kó tó dé ọwọ́ ẹni. Èlé bọ́ǹdù ìjọba àpapọ̀ náà ò ní owó-orí. Pẹ́ńṣàn ló wá dáa jù nínú ọ̀rọ̀ yìí, wọ́n yọ ọ́ kí wọ́n tó ṣírò PAYE, wọn kì í gba owó-orí lórí èrè tó ń mú wá, wọn ò sì ní gbà á lórí owó ìfẹ̀yìntì, ìyẹn ni pé ₦1,000,000 inú ẹ̀ ṣiṣẹ́ bíi ₦1,000,000. Àléébù ẹ̀ ni pé èèyàn ò lè yọ ọ́ bó ṣe wù ú, àwọn tó ń bójú tó o náà sì ń gba owó iṣẹ́ wọn níbẹ̀.

Ọ̀wọ́n ọjà tún ń bá owó-orí ṣiṣẹ́ pọ̀, ó ṣeni láàánú pé ọ̀pọ̀ ìṣirò kì í mẹ́nu bà á. Tí èlé bá jẹ́ 15%, tí nǹkan ọjà sì fi 13% wọ́n sí i lọ́dún yẹn, èrè gidi tó wà níbẹ̀ ò ju bíi 2% lọ. Àmọ́ orí 15% lòfin ti ń yọ 10%, kì í ṣe orí 2%, torí náà 1.5% ló lọ, ó ku 0.5%. Nínú èrè gidi, ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ni owó-orí gbé lọ yẹn. Bó ṣe rí pẹ̀lú ilẹ̀ nìyẹn. Kí òṣìṣẹ́ wa lọ ta ilẹ̀ tó rà ní ₦600,000 lápá Òkè-Baálẹ̀ lọ́dún gbọọrọ sẹ́yìn, kó tà á ní ₦6,000,000, lójú òfin ó jèrè ₦5,400,000, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ₦6,000,000 ọ̀hún lè má ra ilẹ̀ mìíràn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀. Tẹ́lẹ̀, 10% ni wọ́n ń gbà lórí irú èrè bẹ́ẹ̀, ₦540,000. Ní báyìí wọ́n á kó o lé owó-oṣù ọdún yẹn lórí, èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀ á bọ́ sí ìpele 18%, gbogbo ẹ̀ á di ₦963,000. Èrè ọ̀pọ̀ ọdún lòfin kó sínú ọdún kan ṣoṣo.

Tó bá wá kan àwọn ọlọ́jà, ìṣòro tiwọn dá yàtọ̀. Obìnrin tó ń ta aṣọ ní ọjà Orísun, tó kàn forúkọ òwò sílẹ̀ láìdá kọ́ńpìnì, ìpele kan náà pẹ̀lú òṣìṣẹ́ ni wọ́n máa fi gba owó-orí lórí èrè ẹ̀. Ká ní ojú owó tó wà nínú ọjà ẹ̀ jẹ́ ₦20,000,000, ó sì jèrè ₦5,000,000 lọ́dún, ìyẹn 25%. Owó-orí ẹ̀ máa jẹ́ ₦690,000, torí náà ká tiẹ̀ ní kò jẹun nínú òwò yẹn rárá (ta ló ń ṣe bẹ́ẹ̀?), ₦4,310,000 péré ló lè dá padà sínú ọjà, òwò tó yẹ kó fi 25% dàgbà fi 21.55% dàgbà. Lọ́dún kejì, ojú owó ti di ₦24,310,000, 25% tún wọlé, èrè ti kọjá ₦6,000,000, owó-orí sì di nǹkan bíi ₦884,000. Ìdá tí wọ́n gbà nínú èrè kúrò ní 13.8%, ó di 14.5%, torí pé owó tó ń wọlé kẹ́yìn ń bọ́ sí ìpele 18%. Bí òwò ṣe ń gbèrú ni ìdíwọ́ náà ń le sí i.

Ibi tó ti ń ká àwọn ọlọ́jà mọ́ jù ni pé aṣọ tó ṣì wà ní ṣọ́ọ̀bù kì í ṣe ìnáwó lójú òfin. Owó tí wọ́n fi rà á ò ní kúrò nínú èrè àfi tí wọ́n bá tà á. Torí náà ìyá yìí lè ti kó gbogbo èrè ọdún padà sínú láàsì àti àǹkárá, kó máa wo ṣọ́ọ̀bù tó kún fọ́fọ́, kó má sì ní ₦200,000 lọ́wọ́, síbẹ̀ ₦690,000 ṣì wà lọ́rùn ẹ̀, kò sì sẹ́ni tó máa gba láàsì dípò owó. March 31 ni gbèdéke láti kọ ìwé owó tó wọlé ránṣẹ́. Ọlọ́jà tí ò bá tí ì ya owó yẹn sọ́tọ̀ láti December, ọjà ló máa tà lówó pọ́ọ́kú láti fi san án, àdánù ìyẹn ò sì sí nínú ìṣirò 21.55% tá a ṣe lókè yẹn.