Ṣé lóòótọ́ ni 70,000 ju 30,000 lọ?

Bí ẹ bá dúró díẹ̀ ní Sẹkitéríàtì Agodi nígbà tí iṣẹ́ bá parí, ẹ ó gbọ́ ọ. Ẹnìkan á sọ pé owó oṣù tó kéré jù lọ kúrò ní 30,000 náírà ní 2019, ó di 70,000 ní 2024, ó ju ìlọ́po méjì lọ. Ọ̀wọ́ngógó ọjà tí ìjọba kéde ní Oṣù Kẹrin 2024 kò sì ju ìdá 34 nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Òṣìṣẹ́ ti jèrè nìyẹn. Ẹni tó ń ra ẹ̀wà ní Bódìjà kò nílò kí n bá a jiyàn. Ìṣirò náà gan-an ló ń bí mi nínú.

Ọdún kan ṣoṣo ni ìdá 34 yẹn ń sọ̀rọ̀ rẹ̀: bí iye ọjà ṣe ga ju ti oṣù kan náà lọ́dún tó kọjá. Owó oṣù sì wà lójú kan fún ọdún márùn-ún gbáko. Wọ́n wá fi àfikún ọdún márùn-ún wé ọ̀wọ́ngógó ọdún kan, wọ́n ní èrè ni.

Oṣù Kẹrin 2019 ni wọ́n fọwọ́ sí òfin 30,000. Láti 2020 dé 2024, ohun tí Àjọ Ìṣirò Orílẹ̀-èdè kéde fún Oṣù Kẹrin kọ̀ọ̀kan ni 12.34, 18.12, 16.82, 22.22 àti 33.69. Bí ẹ bá kàn ro wọ́n pọ̀, ó jẹ́ 103, ohun tí 30,000 ń rà á dà bí 61,000, ẹ ó sì rò pé 70,000 ṣì lérè. Àmọ́ orí ibi tí ọjà gùn dé lọ́dún kan ni ti ọdún kejì ti ń bẹ̀rẹ̀. Ohun tí 30,000 ń rà di 33,700 ní 2020. Orí 33,700 yìí la ó gbé ìdá 18.12 lé, ó di 39,800. Lẹ́yìn náà 46,500, lẹ́yìn náà 56,800. Ní Oṣù Kẹrin 2024, ó ti tó 76,000.

Oṣù Keje ni 70,000 ṣẹ̀ṣẹ̀ dòfin. Bí a bá fi iye ọjà 2019 wọ̀n ọ́n, kò ju nǹkan bí 27,600 lọ. Wọ́n gé owó oṣù, wọ́n pè é ní àfikún.

Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ gbé tirẹ̀ dé 80,000, ìyẹn kọjá 76,000. Àmọ́ Oṣù Kìíní 2025 ló bẹ̀rẹ̀, ọjà kò sì dúró dè é.

Mi ò ní sọ pé bákan náà ló rí fún gbogbo ilé. Agbọ̀n ọjà gbogbo orílẹ̀-èdè, ìyẹn àkójọ ohun tí àwọn èèyàn ń ná owó lé, ni àjọ náà ń wọ̀n. Ẹni tí kì í san owó ilé lè máa rọ́gbọ́n dá. Ẹni tí oúnjẹ ń gba owó rẹ̀ tán lè ti jìyà ju èyí lọ, torí ti oúnjẹ nìkan jẹ́ 40.53 ní Oṣù Kẹrin 2024.

Ẹ sì ṣọ́ra fún 24.48 ti Oṣù Kìíní 2025. Ní Oṣù Kejìlá tó ṣáájú, 34.80 ni wọ́n kéde. Ọjà kọ́ ló wálẹ̀: àjọ náà ló yí ọdún ìpìlẹ̀ tó fi ń wé iye ọjà àti agbọ̀n ọjà rẹ̀ padà. Ẹni tó bá so nọ́ńbà tuntun yẹn mọ́ ti àtijọ́ láìbìkítà, ìṣirò rẹ̀ á fún un ní èrè tí kò sí lápò ẹnikẹ́ni.