Oyún Tó Kọjá Ogójì Ọ̀sẹ̀: Bí Wọ́n Ṣe Ń Ṣọ́ Ọ àti Bí Wọ́n Ṣe Ń Mú Ìrọbí Wá

Ọjọ́ 280, ìyẹn ogójì ọ̀sẹ̀, ni wọ́n ń kà láti ọjọ́ tí nǹkan oṣù tí obìnrin rí kẹ́yìn bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n tó dá ọjọ́ ìbí fún un. Ìṣirò náà gbà pé ẹ̀ẹ̀kan láàárín ọjọ́ 28 ni obìnrin ń rí nǹkan oṣù. Ẹni tí tirẹ̀ ń gba ọjọ́ 35 lè gbọ́ pé oyún òun ti pé ọ̀sẹ̀ 41, nígbà tó jẹ́ pé ọ̀sẹ̀ 40 péré ló wà. Ìdí nìyí tí wọ́n fi máa ń kọ́kọ́ wá síkáànì tó wáyé kí oyún tó pé ọ̀sẹ̀ 14 jáde, nítorí pé gígùn àwọn ọmọ inú oyún kò tíì yàtọ̀ síra púpọ̀ nígbà yẹn. Síkáànì oṣù kẹjọ kò lè ṣe iṣẹ́ yìí, torí ó ti pẹ́ jù.

Bí ọjọ́ bá dájú, ọ̀rọ̀ kan ibi ọmọ. Inú rẹ̀ ni ọmọ ti ń gba atẹ́gùn àti oúnjẹ, àmọ́ bí oyún ti ń kọjá ọ̀sẹ̀ 41 lọ, agbára rẹ̀ lè máa dín kù. Omi tó yí ọmọ ká náà lè fà, ọmọ lè yàgbẹ́ sínú rẹ̀, ó sì tún lè tóbi débi tí èjìká rẹ̀ yóò fi há nígbà ìbí. Ewu kí ọmọ kú sínú kéré, ṣùgbọ́n ó ń pọ̀ sí i láti ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé dámọ̀ràn pé kí wọ́n mú ìrọbí wá fún ẹni tó dájú pé oyún rẹ̀ ti pé ọ̀sẹ̀ 41, kí wọ́n má sì ṣe é ṣáájú ìgbà yẹn bí kò bá sí ìṣòro kankan.

Ẹni tó bá fẹ́ dúró díẹ̀ sí i ní ẹ̀tọ́ láti dúró, ṣùgbọ́n wọn yóò máa ṣọ́ ọ, ó sábà máa ń jẹ́ ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Wọn yóò so ẹ̀rọ tó ń ka lílù ọkàn ọmọ mọ́ ọn níkùn, wọn yóò sì fi síkáànì wọn ibi tí omi náà ti jìn jù. Bí kò bá tó sẹ̀ǹtímítà 2, omi ti kéré jù nìyẹn. Àyẹ̀wò tó dára lónìí kò lè fọwọ́ sọ̀yà nípa ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Bí ìyá bá rí i pé ọmọ kò yí bó ṣe máa ń yí mọ́, ọjọ́ náà gan-an ló yẹ kó wá, kì í ṣe ọjọ́ tí wọ́n dá fún un.

Ká mú aboyún àkọ́bí kan tí oyún rẹ̀ pé ọ̀sẹ̀ 41, tó sì gbà kí wọ́n mú ìrọbí wá. Ọrùn ilé ọmọ ni agbẹ̀bí máa kọ́kọ́ yẹ̀ wò: bó ṣe ṣí tó, bó ṣe fẹ́lẹ́ tó, bó ṣe rọ̀ tó, ibi tó kọjú sí, àti bí orí ọmọ ṣe sọ̀ kalẹ̀ tó. Wọ́n ń fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní máàkì, àròpọ̀ gbogbo rẹ̀ kò sì lè ju 13 lọ. Máàkì 3 ni obìnrin yìí ní. Níwọ̀n bí kò ti ju 6 lọ, ọrùn náà kò tíì rọ̀; bí wọ́n bá kàn sáré fa dírípù tó ń mú ilé ọmọ sún kì sí i lára, ó ṣeé ṣe kó jìyà lásán.

Rírọ ọrùn náà ló kàn. Wọ́n ti rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ń fa ìtọ̀ gba ibẹ̀ wọlé, wọ́n sì fi omi kún báálúù kékeré tó wà lórí rẹ̀, kó lè máa tẹ ọrùn náà títí yóò fi là. Oògùn misopirósítọ́ọ̀lù náà wà: máíkírógíráàmù 25 ni wọ́n ń mu ní wákàtí méjì-méjì, bẹ́ẹ̀ 200 ló sábà máa ń wà nínú hóró kan. Gígé hóró náà sí mẹ́jọ kì í dọ́gba, nítorí náà ó sàn kí wọ́n yọ́ ọ sínú omi mílílítà 200, kí wọ́n sì máa fún un ní mílílítà 25.

Báálúù ni wọ́n lò fún obìnrin wa. Nígbà tó fi máa já bọ́ láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ọrùn ilé ọmọ ti ṣí tó sẹ̀ǹtímítà 3. Wọ́n bẹ́ omi rẹ̀, wọ́n wo àwọ̀ rẹ̀ bóyá ọmọ ti yàgbẹ́ sí i, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ dírípù ọsitósìn díẹ̀díẹ̀, tí wọ́n ń fi kún un ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú sí ara wọn títí ilé ọmọ fi ń sún kì ní ẹ̀ẹ̀mẹ́ta sí mẹ́rin láàárín ìṣẹ́jú 10. Bó bá ti ju ẹ̀ẹ̀márùn-ún lọ, ọmọ kò ní ráyè gba atẹ́gùn tó láàárín ìsúnkì kan sí èkejì. Wọn yóò dín dírípù náà kù, bí lílù ọkàn ọmọ bá sì ti yí padà, wọn yóò dá dírípù náà dúró, wọn yóò sì dá ìyá dùbúlẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́. Ẹni tí wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ ìbímọ fún rí kò gbọ́dọ̀ lo misopirósítọ́ọ̀lù, nítorí ojú àpá náà lè fà ya.

Ó tún lè ṣẹlẹ̀ pé ọrùn ilé ọmọ kọ̀ láti ṣí. Bí ara ìyá àti ti ọmọ bá le, wọ́n lè jẹ́ kó sinmi, kí wọ́n tún un gbìyànjú lọ́nà mìíràn. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, iṣẹ́ abẹ ló kù.