Kọ́ọ̀lù tí a rà, púùtù tí a tà, àti kẹ́ẹ̀gì epo kan

Kọ́ọ̀lù àti púùtù jẹ́ irú ẹ̀tọ́ méjì tí wọ́n ń rà tí wọ́n sì ń tà lórí ọjà. Ẹni tó ra kọ́ọ̀lù ń retí kí ọjà gbówó lórí. Ẹni tó ta púùtù náà ò fẹ́ kí ọjà já wálẹ̀. Ibẹ̀ ni àwọn kan máa ń fàbọ̀ sí: "Ọ̀kan náà ni wọ́n, èyí tó bá wù yín ni kí ẹ mú." Irọ́ ni. Odó àti ọmọ odó ló jọ ń gún iyán, síbẹ̀ kò sẹ́ni tó máa pè wọ́n ní ọ̀kan náà. Kọ́ọ̀lù tí a rà àti púùtù tí a tà jẹ́ apá méjì ohun kan ṣoṣo, èkíní ò sì jọ èkejì.

Kọ́ọ̀lù ni ẹ̀tọ́ láti ra ọjà ní iye tí a ti dá sílẹ̀. Púùtù ni ẹ̀tọ́ láti tà á ní iye tí a ti dá sílẹ̀. Ẹni tó ra ẹ̀tọ́ ló ń san owó, òun náà ló sì lè sọ pé òun ò ṣe mọ́. Ẹni tó tà á ti gbowó, kò lè kọ̀ bí wọ́n bá pè é. Owó ẹ̀tọ́ yìí kì í ṣe àsansílẹ̀ o: àsansílẹ̀ máa ń wọ inú iye ọjà, ṣùgbọ́n owó ẹ̀tọ́ ti lọ nìyẹn. Irú èyí tí a kò lè lò títí ọjọ́ àdéhùn yóò fi pé, èyí tí wọ́n ń pè ní ti Yúróòpù, ni gbogbo ọ̀rọ̀ ìsàlẹ̀ yìí dá lé.

Ká mú kẹ́ẹ̀gì epo pupa onílítà 25 kan ní ọjà Ìgbọ̀nà, ní Òṣogbo níbí. Àpẹẹrẹ lásán ni àwọn iye yìí, kí wọ́n má fi wọ́n ná epo. Lónìí, ₦41,000 ni kẹ́ẹ̀gì náà. Olóúnjẹ kan tí ìsọ̀ rẹ̀ wà nítòsí Ọláìyá ń bẹ̀rù pé epo lè wọ́n gan-an kí oṣù mẹ́fà tó pé. Ó san ₦3,500 fún kọ́ọ̀lù, kó lè ra kẹ́ẹ̀gì kan ní ₦44,000 lọ́jọ́ náà. Ìyá elépo kan ní tirẹ̀ ti kó epo pamọ́, ohun tó ń bà á lẹ́rù ni kí epo má lọ kún ọjà. Ó san ₦2,500 fún alágbàtà kan láti ra púùtù: bó bá dọjọ́ náà, ó lè kó kẹ́ẹ̀gì kan dà sí alágbàtà yìí lọ́wọ́, kó sì gba ₦44,000. Alágbàtà ló ta púùtù.

Oṣù mẹ́fà pé. Bí kẹ́ẹ̀gì bá ti di ₦52,000, olóúnjẹ á fi ₦44,000 gbé e, ₦8,000 ti wọlé fún un. Ìyá elépo ò ní wá alágbàtà wá, torí kò sẹ́ni tó máa ta ọjà ₦52,000 ní ₦44,000. Alágbàtà fi ₦2,500 rẹ̀ sápò, ó bá tirẹ̀ lọ, òun kò rí nǹkan kan nínú ọ̀wọ́n náà.

Bí ó bá jẹ́ ₦36,000 ni kẹ́ẹ̀gì bọ́ sí ńkọ́? Olóúnjẹ á gbàgbé kọ́ọ̀lù rẹ̀, á lọ ra epo lọ́jà bí gbogbo ènìyàn. ₦3,500 ló pàdánù, kò lè ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ìyá elépo ti gbé kẹ́ẹ̀gì rẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà alágbàtà: "Àdéhùn wa rèé, ẹ san ₦44,000." Alágbàtà san án fún ohun tí ń lọ ní ₦36,000. Ó jìn sí ₦8,000, ₦2,500 tó ti gbà tẹ́lẹ̀ nìkan ló sì máa fi dín in kù. Bí epo bá tilẹ̀ di òfo, tí ẹnikẹ́ni ò rà á mọ́, àdánù rẹ̀ lè dé ₦41,500.

Ẹ fojú inú ya ìlà méjì, tó ń fi èrè tàbí àdánù olóúnjẹ àti ti alágbàtà hàn bí iye epo ṣe ń lọ sókè. Ti olóúnjẹ tẹ́ pẹrẹsẹ láti òdo títí dé ₦44,000, lẹ́yìn náà ló wá ń gòkè lọ láìdúró. Ti alágbàtà ń gun òkè bọ̀ láti inú ọ̀gbun, ó dé ₦44,000, ó sì tẹ́ pẹrẹsẹ. Ẹni tó bá pe títa púùtù ní owó oṣù tí ń wọlé jẹ́jẹ́, ibi tó tẹ́ yìí nìkan ló fi han yín.

Ká wá ní ènìyàn kan ra kọ́ọ̀lù, ó sì ta púùtù, méjèèjì lórí ₦44,000 àti ọjọ́ kan náà. Bí epo bá di ₦52,000, kọ́ọ̀lù fún un ní ₦8,000. Bí ó bá di ₦36,000, púùtù gba ₦8,000 lọ́wọ́ rẹ̀. Ibi tí ìlà kan ti tẹ́ ni èkejì ti dagun, wọ́n bá di ìlà kan tó tọ́ gbọnrangandan. Ohunkóhun tí epo ì báà dà, ẹni yìí yóò fi ₦44,000 gba kẹ́ẹ̀gì kan lọ́jọ́ náà. Ẹ̀tọ́ ò sí ńbẹ̀ mọ́. Ó ti di dandan, bí ẹni tó ti bá elépo ná ọjà oṣù mẹ́fà sílẹ̀ tí wọ́n sì ti bọwọ́.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti dùn nìyí. Bí àpapọ̀ wọn bá jẹ́ ríra kẹ́ẹ̀gì ní ₦44,000 lóṣù mẹ́fà, kò yẹ kí owó tí a ó fi ní wọn jẹ́ bó ṣe wu ọjà. Ká ní kóòpù kan ń fúnni ní èlé ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún láàárín oṣù mẹ́fà yẹn. ₦40,000 tí a fi síbẹ̀ lónìí á di ₦44,000. Ẹnì kan fi ₦40,000 sí kóòpù, ó tún ra kọ́ọ̀lù ₦3,500. ₦43,500 ló ná. Ẹlòmíràn ra kẹ́ẹ̀gì gan-an ní ₦41,000, ó fi púùtù ₦2,500 ṣọ́ ọ. ₦43,500 ló ná. Bí epo bá wọ́n, ẹni àkọ́kọ́ á fi owó kóòpù gbé kẹ́ẹ̀gì, àwọn méjèèjì á wà pẹ̀lú kẹ́ẹ̀gì kan. Bí epo bá já, ẹni kejì á da kẹ́ẹ̀gì lé ẹni tó ta púùtù fún un lọ́wọ́, àwọn méjèèjì á wà pẹ̀lú ₦44,000. Ohun tó bá dọ́gba lọ́nà gbogbo lọ́jọ́ ìparí gbọ́dọ̀ dọ́gba ní iye lónìí:

```
C - P = S - K/(1+r)
```

C ni iye kọ́ọ̀lù, P ti púùtù, S iye kẹ́ẹ̀gì lónìí, K iye àdéhùn, r èlé títí ọjọ́ yóò fi pé. Nínú àpẹẹrẹ wa, ₦41,000 yọ ₦40,000, ó ku ₦1,000. Ìyàtọ̀ ₦3,500 àti ₦2,500 náà nìyẹn. Ọdún 1969 ni Hans Stoll kọ èyí sílẹ̀ kedere nínú ìwé ìmọ̀ ìṣúná, ó sì dán an wò.

Bí ẹnì kan bá wá ń ta kọ́ọ̀lù yẹn ní ₦4,500, owó ti wà nílẹ̀. A ta kọ́ọ̀lù náà, a ra púùtù ₦2,500, a ra kẹ́ẹ̀gì ₦41,000. Ó ku ₦39,000 tí a máa yá, tí yóò di ₦42,900. Lọ́jọ́ ìparí, epo ì báà wọ́n kó pọ̀, ₦44,000 la máa gbà lórí kẹ́ẹ̀gì náà: yálà olóúnjẹ wá gbé e, tàbí a dà á sí alágbàtà lọ́wọ́. ₦1,100 kù, a ò sì sọ àsọtẹ́lẹ̀ kankan. Àwọn tó ń ṣọ́ irú àyè yìí ló ń tì í pa.

Àṣìlóye kan wà tí ń dun èèyàn níbí. Wọ́n á ní bí gbogbo ìlú bá gbà pé epo máa wọ́n, ó yẹ kí kọ́ọ̀lù gbówó lórí ju púùtù lọ fíìfíì. Ẹ wo ìlà inú àpótí yẹn dáadáa: kò sí àyè fún ìrètí ẹnikẹ́ni. Bí gbogbo ìlú bá gbà bẹ́ẹ̀, wọ́n á lọ ra epo lónìí, ₦41,000 á sì kúrò ní ₦41,000. Inú S ni ìrètí ń wọ̀ sí. Ẹ mú iye àdéhùn dé ₦45,100, ìyẹn ₦41,000 pẹ̀lú èlé rẹ̀, kọ́ọ̀lù àti púùtù á di iye kan náà, yálà ọjà ń yọ̀ tàbí ó ń sunkún. Ọgbọ́n tó wà nínú rẹ̀ nìyẹn lójú tèmi: ó so iye méjì mọ́ra láìbéèrè ibi tí ọjà ń lọ.

Ọgbọ́n yìí náà ló jẹ́ kí wọ́n rọ́nà gbà ní Ṣikágò. Nígbà tí ọjà ẹ̀tọ́ ṣí níbẹ̀ ní ọjọ́ 26 oṣù kẹrin ọdún 1973, kọ́ọ̀lù lórí ìpín ilé-iṣẹ́ nìkan ni wọ́n ń tà. Ọdún 1977 ni púùtù tó dé. Ẹni tó bá fẹ́ púùtù láàárín ọdún wọ̀nyẹn lè fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe é: kó ra kọ́ọ̀lù, kó yá ìpín ilé-iṣẹ́ náà tà, kó sì fi owó rẹ̀ pamọ́ síbi tó ń mú èlé wá.

Epo ò kúkú rí bí ìpín. Ẹni tó kó kẹ́ẹ̀gì pamọ́ fún oṣù mẹ́fà ń san owó ìsọ̀, kẹ́ẹ̀gì míì sì ń jò. Bí ìtọ́jú yẹn bá jẹ ₦600 ní owó òní, kọ́ọ̀lù á fi ₦1,600 ju púùtù lọ dípò ₦1,000, nítorí ẹni tó di kọ́ọ̀lù mú kò san owó ìsọ̀. Òdìkejì ni ti ìpín tó máa pín èrè kí ọjọ́ tó pé: ẹni tó di ìpín mú ló ń gba èrè, kọ́ọ̀lù á sì dín ní iye yẹn. Nítorí náà, bí iye orí fóònù bá dà bíi pé kò dọ́gba, èrè pínpín ni kí a kọ́kọ́ wá. Lẹ́yìn náà, kí a wo bóyá àná ni wọ́n ta púùtù náà gbẹ̀yìn, tí iye ìpín sì jẹ́ ti ìṣẹ́jú yìí. Ó tún lè jẹ́ irú ti Amẹ́ríkà, tí a lè lò kí ọjọ́ tó pé. Ìdọ́gba yẹn kì í le dain-dain lórí ìyẹn.

Ṣùgbọ́n nígbà míì, ó yẹ̀ lóòótọ́. Bí púùtù bá wọ́n ju bó ṣe yẹ lọ, ẹni tó fẹ́ jẹ àǹfààní rẹ̀ gbọ́dọ̀ tà á, kó ra kọ́ọ̀lù, kó sì yá kẹ́ẹ̀gì ẹlòmíràn tà lónìí. Ta ló máa yá a? Ní oṣù kẹta ọdún 2000, ilé-iṣẹ́ 3Com ta díẹ̀ lára ìpín ẹ̀ka rẹ̀ tí ń jẹ́ Palm (ọ̀pẹ náà ni o). Iye ìpín Palm fò sókè débi pé ọ̀pọ̀ fẹ́ yá a tà, àwọn tó ní in lọ́wọ́ láti yá wọn ò sì tó nǹkan. Púùtù Palm wọ́n ju kọ́ọ̀lù rẹ̀ lọ fíìfíì. Ẹni tó bá fi kọ́ọ̀lù àti púùtù ṣírò S máa rí iye kan tó kéré gan-an sí iye tí ìpín náà ń lọ lọ́jà lọ́jọ́ kan náà. Gbogbo ènìyàn ló rí àlàfo yẹn lójú fèrèsé kọ̀ǹpútà wọn, ó sì wà bẹ́ẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan, nítorí kò sẹ́ni tó fẹ́ yá wọn ní kẹ́ẹ̀gì.