Bí a ṣe ń rí míìnì, mídíanì àti móòdù nínú àtẹ tí wọ́n yà ní fọ́tò

Alẹ́ tí ìdánwò ìṣirò bá ku ọ̀la ni fọ́tò àtẹ máàkì máa ń rọ́ wọlé sórí Wọ́sáàpù. Ìwé ti ká, iná fóònù ti bo apá kan rẹ̀, ọ̀rọ̀ tó bá a wá kò sì ju ìlà kan lọ: "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ bá mi wá míìnì, mídíanì àti móòdù rẹ̀." Ìṣirò ibẹ̀ kò le. Nọ́ńbà kan ṣoṣo tí ojú ṣì kà ló ń ba gbogbo rẹ̀ jẹ́, ìdáhùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kì í sì í fara gbá a bákan náà. Míìnì lè mì díẹ̀ péré, kí móòdù sì ti fò lọ sí ibòmíràn pátápátá.

Ẹ jẹ́ ká fi àtẹ yìí ṣe àpẹẹrẹ. Máàkì akẹ́kọ̀ọ́ 50 ló wà nínú rẹ̀. Iná ti bo nọ́ńbà kan ní ìlà kẹrin fọ́tò náà, a kò sì mọ̀ bóyá 12 ni tàbí 17.

| Máàkì | Àárín | Iye akẹ́kọ̀ọ́ |
|---|---|---|
| 21–30 | 25.5 | 4 |
| 31–40 | 35.5 | 9 |
| 41–50 | 45.5 | 15 |
| 51–60 | 55.5 | 12? 17? |
| 61–70 | 65.5 | 7 |
| 71–80 | 75.5 | 3 |
| Àpapọ̀ | | 50 |

Kí a tó ṣe ìṣirò kankan, fọ́tò fúnra rẹ̀ la ó kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Òpó iye akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́dọ̀ ròpọ̀ di 50 tí wọ́n kọ sísàlẹ̀. Àwọn márùn-ún tó hàn ni 4, 9, 15, 7 àti 3, àròpọ̀ wọn sì jẹ́ 38. Tí a bá yọ 38 kúrò nínú 50, 12 ló kù. Ọ̀rọ̀ 17 ti parí nìyẹn. Òpó àárín náà ní ẹ̀rí tirẹ̀: láti 25.5 dé 35.5 jẹ́ 10, láti 35.5 dé 45.5 jẹ́ 10, bẹ́ẹ̀ náà ló sì gbọ́dọ̀ rí títí dé ìsàlẹ̀. Bí ọ̀kan bá já sí 455, póìǹtì ló parẹ́ nínú fọ́tò. Bí ó bá já sí 46.5, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ 5 lẹ kà sí 6. Àyẹ̀wò yìí kì í pẹ́ rárá, síbẹ̀ òun ni àwọn ọmọ máa ń fò jù.

Ó dáa, kí ni àtẹ náà ń sọ? Kò sọ máàkì tí ẹnikẹ́ni gbà. Ó ní ọmọ 9 wà láàárín 31 sí 40, ó sì panu mọ́ lórí ẹni tó gba 32 àti ẹni tó gba 39. Ìpín bẹ́ẹ̀ ni àwọn olùkọ́ ń pè ní kíláàsì. Ọ̀wọ́ ni n ó máa pè é níhìn-ín, kó má baà dà pọ̀ mọ́ kíláàsì tí ọmọ ń jókòó sí. Nígbà tí a kò ti mọ máàkì ẹnì kọ̀ọ̀kan, a óò gbà pé gbogbo àwọn tó wà nínú ọ̀wọ́ kan ló gba iye tó wà ní àárín gbùngbùn rẹ̀. 31 àti 40 jẹ́ 71, ìdajì 71 sì jẹ́ 35.5. Ibẹ̀ ni òpó àárín ti wá.

Fún míìnì, ẹ fi iye ọmọ inú ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan sọ àárín rẹ̀ di púpọ̀, kí ẹ ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, kí ẹ wá fi iye gbogbo ọmọ pín in.

```
 4 × 25.5 = 102
 9 × 35.5 = 319.5
15 × 45.5 = 682.5
12 × 55.5 = 666
 7 × 65.5 = 458.5
 3 × 75.5 = 226.5
Àpapọ̀    = 2455
2455 ÷ 50 = 49.1
```

50 la fi pín in, nítorí ọmọ 50 ló ṣe ìdánwò náà. Ẹni tó bá fi 6 pín in, torí pé ìlà mẹ́fà ló rí, yóò rí nǹkan bíi 409. Kí ó bi ara rẹ̀ pé báwo ni ìdánwò tí ẹnikẹ́ni kò ti gbà ju 80 lọ ṣe ní míìnì 409.

Ẹ má sì jẹ́ kí póìǹtì tó wà nínú 49.1 tàn yín jẹ. Ìfojúdíwọ̀n ni. Ká ní gbogbo ọmọ ló wà ní ìsàlẹ̀ ọ̀wọ́ tirẹ̀, tí àwọn 9 yẹn gba 31 lẹ́ẹ̀kan náà, tí àwọn 15 gba 41, míìnì yóò jẹ́ 44.6. Ká ní òkè ọ̀wọ́ ni gbogbo wọn wà, yóò jẹ́ 53.6. Míìnì gidi kò lè jáde láàárín méjèèjì. Ó sì sábà máa ń sún mọ́ 49.1, nítorí pé àwọn tó wà lókè àárín àti àwọn tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ máa ń dí ara wọn.

Mídíanì ń béèrè ohun mìíràn. Bí gbogbo ọmọ bá tò láti orí ẹni tó gba máàkì tó kéré jù dé orí ẹni tó gbà jù, níbo ni a óò ti pín ìlà náà sí méjì? Ìdajì 50 jẹ́ 25. Ẹ máa ro iye ọmọ pọ̀ bọ̀ láti òkè àtẹ: 4, lẹ́yìn náà 13, lẹ́yìn náà 28. Nígbà tí a kúrò ní ọ̀wọ́ kejì, ọmọ 13 la ti kà. Nígbà tí a kúrò ní ọ̀wọ́ kẹta, a ti kọjá 25. Inú 41–50 ni mídíanì wà nígbà náà. Ọmọ 12 sí i la nílò nínú 15 tó wà níbẹ̀, a sì gbà pé àwọn 15 náà tàn ká déédéé nínú ọ̀wọ́ wọn.

```
40.5 + (25 − 13) ÷ 15 × 10 = 48.5
```

40.5 yìí ló ń dà wọ́n láàmú jù. Kí ló dé tí kì í ṣe 41? Ọ̀wọ́ kejì parí sí 40, ẹ̀kẹta bẹ̀rẹ̀ ní 41, àlàfo kan sì wà láàárín wọn tí kò sí lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. A pín àlàfo náà sí méjì, ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan mú ìdajì. Ààlà wọn di 40.5, ọ̀wọ́ kẹta wá gùn láti 40.5 dé 50.5. Ìdí nìyẹn tí fífẹ̀ rẹ̀ fi jẹ́ 10, tí kì í ṣe 9 tí ẹni tó yọ 41 kúrò nínú 50 máa rí.

Kì í ṣe gbogbo àtẹ ni a ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún o. Tó bá jẹ́ ọjọ́ orí ni wọ́n kọ, ẹni tó ti pé àádọ́ta ọdún àti oṣù mọ́kànlá ṣì ń pe ara rẹ̀ ní ẹni 50. Ọ̀wọ́ 41–50 nínú irú àtẹ bẹ́ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní 41 gan-an, ó sì ń lọ títí tó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan 51. Àwọn mìíràn máa ń kọ 40–50, 50–60, pẹ̀lú àmì `<` kékeré tí fọ́tò tètè máa ń gbé mì, ààlà tiwọn sì jẹ́ 40. Bí ẹ kò bá mọ èyí tí ẹ ní lọ́wọ́, ẹ bi òpó àárín. Bí àárín 41–50 bá jẹ́ 45.5, ààlà jẹ́ 40.5. Bí ó bá jẹ́ 46, ẹni tó ṣe àtẹ náà ka ọ̀wọ́ rẹ̀ láti 41 dé 51. Ẹ tẹ̀ lé e bẹ́ẹ̀.

Ó wá ku móòdù, ibi tí èrò pọ̀ sí jù. Ọ̀wọ́ tó ní 15 ló pọ̀ jù, ó sì ní aládùúgbò méjì: 9 lókè, 12 nísàlẹ̀. 15 fi 6 ju 9, ó fi 3 ju 12.

```
40.5 + 6 ÷ (6 + 3) × 10 = 47.17
```

Ẹ wò ó bí ìdáhùn náà ṣe kọjá 45.5 tó jẹ́ àárín. Aládùúgbò tó ní 12 wúwo ju èyí tó ní 9 lọ, ó sì ń fa móòdù sọ́dọ̀ ara rẹ̀. Bí tiyín bá fì sí apá 9, ẹ ti gbé 3 síbi tó yẹ kí 6 wà.

Ẹ jẹ́ ká wá padà sídìí nọ́ńbà tí iná bò. Ká ní a kò ka àpapọ̀, tí a kàn mú 17 tí a ń ṣe lọ. Iye ọmọ di 55. Míìnì di 49.7, kò ju ìdá díẹ̀ lọ sí 49.1, olùkọ́ tí kò fara balẹ̀ lè má fura. Mídíanì di 50.2, ó fi nǹkan bíi máàkì méjì gòkè. Móòdù ńkọ́? 17 ti ju 15 lọ, nítorí náà ọ̀wọ́ 51–60 ló wá pọ̀ jù, ìṣirò sì bẹ̀rẹ̀ láti ààlà mìíràn:

```
50.5 + 2 ÷ (2 + 10) × 10 = 52.17
```

Máàkì márùn-ún gbáko! Iye ọmọ gbogbo ni míìnì ń lò, nítorí náà àṣìṣe ìlà kan máa ń rì sínú rẹ̀. Ìlà mẹ́ta péré ni móòdù gbé ara lé. Ìdí nìyí tí mo fi máa ń sọ pé bí àyè bá wà láti tún nọ́ńbà mẹ́ta péré wò nínú fọ́tò, èyí tó ga jù àti àwọn méjì tó tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́ ni kí ẹ fẹ̀ lójú kí ẹ wò.

Nígbà mìíràn, ẹ̀gbẹ́ òsì ni fọ́tò gé kúrò, tí òpó máàkì kò sí níbẹ̀ mọ́, tó ku àárín àti iye ọmọ. Ìyẹn kò burú. Ààlà méjì ọ̀wọ́ tó tẹ̀ lé ara wọn wà ní ìdajì ọ̀nà láàárín àárín wọn: láàárín 35.5 àti 45.5, 40.5 lẹ ó rí. Ohun tí èyí ń fẹ́ ni pé kí gbogbo ọ̀wọ́ fẹ̀ bákan náà. Bí àárín wọn kò bá fò ní dọ́gbadọ́gba, ẹ dúró. Àtẹ tí ọ̀wọ́ kan nínú rẹ̀ fẹ̀ ju àwọn yòókù lọ kò ṣeé wá móòdù fún pẹ̀lú iye ọmọ lásán, nítorí ọ̀wọ́ tó fẹ̀ lè kó èrò jọ torí pé ó gba àyè. Ẹ kọ́kọ́ fi fífẹ̀ ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan pín iye ọmọ inú rẹ̀, kí ẹ tó wo èyí tó ga jù.

Bí àpapọ̀ 50 náà bá wà lára ohun tí fọ́tò gé ńkọ́? Ẹ wò ó bóyá wọ́n kọ òpó ìsọdipúpọ̀ sí ẹ̀gbẹ́. Bí 666 bá hàn ní ìlà kẹrin, ẹ fi 55.5 pín in, ẹ óò rí 12. 17 ì bá ti fún wa ní 943.5. Bí òpó yẹn náà kò bá sí, ẹ lè sọ fún ọmọ náà pé míìnì rẹ̀ wà láàárín 49 sí 50, nítorí 12 àti 17 jọ fẹnu kò níbẹ̀. Móòdù ni kí ẹ má fún un. Ẹ ní kó pa iná fóònù, kó tẹ́ ìwé náà sílẹ̀ dáadáa, kó tún un yà.