Bí ọ̀pọ̀ ẹni tó lè ṣiṣẹ́ ṣe ń di ọrọ̀, àti ohun tó ń sọ ọ́ di asán

Ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé tí ọ̀dọ́ bá ti pọ̀ nílùú, ọrọ̀ ń bọ̀ nìyẹn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Níbi tí obìnrin kọ̀ọ̀kan ti ń bí ọmọ mẹ́fà, ọ̀dọ́ á pọ̀ lóòótọ́, àmọ́ ọmọdé tó tẹ̀ lé wọn tún pọ̀ jù wọ́n lọ, bùkátà sì ń gbé gbogbo owó tó bá wọlé lọ. Ìgbà tí ọmọ bíbí bá dín kù ni èrè tó ń wá látara iye èèyàn máa ń ṣí sílẹ̀. Àwọn tí wọ́n ti bí tẹ́lẹ̀ á dàgbà wọṣẹ́, ọmọ tí wọ́n máa tọ́ kò ní pọ̀, àwọn arúgbó náà ò sì tíì pọ̀.

Ẹ jẹ́ ká fi ọgọ́rùn-ún èèyàn ṣírò rẹ̀. Ká ní 54 nínú wọn wà láàárín ọmọ ọdún 15 sí 64, tí ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn sì ń pa 100 wọlé. Tá a bá pín in kárí, 54 ló kan ẹnì kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó yá, ọmọ bíbí dín kù, àwọn tó lè ṣiṣẹ́ wá di 72 nínú ọgọ́rùn-ún. Kódà bí òṣìṣẹ́ kankan ò bá pa ju 100 rẹ̀ àtijọ́ lọ, ìpín kálukú ti di 72, ìyẹn ni pé ó ti fi ìdá kan nínú mẹ́ta lé sí i. Ṣùgbọ́n tí àwọn 18 tó kún wọn kò bá ríṣẹ́, 54 náà ni ìpín kálukú ṣì máa jẹ́. Ibẹ̀ gan-an ni gbogbo ọ̀rọ̀ yìí wà.

Ní Gúúsù Kòríà, ìjọba bẹ̀rẹ̀ ètò ìfètòsọ́mọbíbí lọ́dún 1962, nígbà tí obìnrin kan ń bí nǹkan bí ọmọ mẹ́fà. Kí ọdún 1985 tó dé, kò ju méjì lọ mọ́. Láàárín àkókò yẹn kan náà, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe aṣọ, bàtà àti irun àtọwọ́dá fún ilẹ̀ òkèèrè ń gba àwọn ọ̀dọ́bìnrin tó ti kàwé síṣẹ́. Owó tí ìdílé ì bá fi tọ́ ọmọ kẹrin àti ìkarùn-ún wá di owó ìfipamọ́.

Ọmọ bíbí dín kù ní Tùnísíà náà, láti nǹkan bíi méje ní àwọn ọdún 1960 sí méjì péré ní nǹkan bí ọdún 2000. Ìjọba rán àwọn ọmọ náà lọ sí yunifásítì, àmọ́ ọ̀pọ̀ iṣẹ́ tó wà nílẹ̀ jẹ́ irú aṣọ rírán àti iṣẹ́ ní òtẹ́ẹ̀lì, owó rẹ̀ ò sì tó nǹkan. Àwọn tó gboyè wá di aláìríṣẹ́ ju àwọn tí kò kàwé lọ. Wàhálà àìríṣẹ́ yìí wà lára ohun tó fa ìwọ́de oṣù Kejìlá ọdún 2010.

Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá èrè náà ń wọlé, kó má wo iye ọ̀dọ́. Kó ka àwọn tó ń ṣiṣẹ́ tó ń mówó wá, kó sì wò ó bóyá obìnrin wà lára wọn, torí pé tí obìnrin ò bá ríṣẹ́, nǹkan bí ìdajì àǹfààní náà ti lọ.

Èrè náà kì í sì í pẹ́ kó tó parí. Ní Kòríà, ọmọ bíbí já wálẹ̀ sí 0.72 fún obìnrin kọ̀ọ̀kan lọ́dún 2023, àwọn tó kún ilé iṣẹ́ nígbà tí èrè náà ń wọlé sì ti ń fẹ̀yìn tì báyìí.