Lẹ́tà ìránnilétí sí ọ́fíìsì ìjọba: ibi tí ọ̀wọ̀ parí sí, tí ẹ̀bẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀

Ibi tí àdírẹ́ẹ̀sì méjèèjì ń wà lórí lẹ́tà àìgbẹ̀fẹ̀, ibi tí déètì ń wà, àti pé orúkọ ló ń tẹ̀lé ìfọwọ́sí, ilé ẹ̀kọ́ ti fi kọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn. A ó fo ìyẹn. Lẹ́tà kejì ló le: èyí tí èèyàn ń kọ lẹ́yìn tó ti kọ ọ̀rọ̀ sínú fọ́ọ̀mù, tó ti san owó, tó ti fi gbogbo ìwé sílẹ̀ nítorí láísẹ́ńsì, tí ọ́fíìsì wá dákẹ́. Inú ti ń bí i díẹ̀. Ẹ̀rù sì ń bà á pé bí òun bá sọ ọ́ kó le, fáìlì òun á bọ́ sábẹ́ àwọn yòókù. Àárín ìbínú àti ìbẹ̀rù yìí gan-an ni ohùn lẹ́tà ti ń bàjẹ́.

Èrò kan wà tó ń sú ẹni tó bá mọ bí iṣẹ́ ọ́fíìsì ṣe ń lọ: pé bí ìkíni bá ṣe gùn tó ni ọ̀wọ̀ ṣe pọ̀ tó. Láti mọ ìdí tí kò fi rí bẹ́ẹ̀, ẹ jẹ́ ká tẹ̀lé lẹ́tà náà wọlé. Kì í kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ ọ̀gá tí a kọ ọ́ sí. Ẹni tó ń gba ìwé wọlé ló ń kọ́kọ́ rí i. Á lu òǹtẹ̀ ọjọ́ tó dé sí i lára, á kọ ọ́ sínú ìwé ìforúkọsílẹ̀, á wá fáìlì tó ni ín, á sì fi í sínú rẹ̀. Fáìlì yẹn ló máa gbé e lọ sórí tábìlì òṣìṣẹ́ tó ń bójú tó irú láísẹ́ńsì bẹ́ẹ̀. Òṣìṣẹ́ náà á kọ èrò tirẹ̀ ní ìlà méjì mẹ́ta, á sì gbé e lọ fún ẹni tó láṣẹ láti fọwọ́ sí i. Ọdún méjì lẹ́yìn náà, ẹlòmíì lè ti wà ní ipò yẹn, kó sì ṣí fáìlì kan náà.

Lẹ́tà dà bí ìránṣẹ́ tó gbọ́dọ̀ gba ẹnu ọ̀nà mẹ́rin kọjá kó tó dé ọ̀dọ̀ ẹni tí a rán an sí. Bó bá dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú ẹ̀ṣọ́ àkọ́kọ́, tó bẹ̀rẹ̀ sí í kì í, tó ń ṣàdúrà fún àwọn ọmọ rẹ̀, ilẹ̀ á ṣú, iṣẹ́ tí a rán an á ṣì wà lẹ́nu rẹ̀. Ẹ̀ṣọ́ yẹn kò bínú sí ìdọ̀bálẹ̀. Ohun tó fẹ́ mọ̀ ni iyàrá tí ìránṣẹ́ ń lọ, kó lè ṣí ilẹ̀kùn tó yẹ. Bí ìránṣẹ́ kò bá sọ ọ́, ẹ̀ṣọ́ á ní kó jókòó sórí àga tó wà lẹ́bàá ògiri. Orí àga yẹn ni ọ̀pọ̀ lẹ́tà tó kún fún ọ̀wọ̀ jókòó sí títí di òní.

Orí-ọ̀rọ̀ ló ń dá ẹ̀ṣọ́ yẹn lóhùn. Ìlà kan péré ni: irú láísẹ́ńsì wo, fún kí ni, nọ́ńbà wo. Bí ọ́fíìsì bá ti kọ̀wé sí ẹ tẹ́lẹ̀, nọ́ńbà tí wọ́n kọ sórí lẹ́tà tiwọn ni kí o kọ, pẹ̀lú déètì rẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni lẹ́tà kan gbọ́dọ̀ gbé. Ẹni tó béèrè láísẹ́ńsì, tó sì fi ẹjọ́ òṣìṣẹ́ tó sọ̀rọ̀ sí i láìdáa kún un, ti fi nǹkan méjì sínú fáìlì kan, ọ̀kan nínú wọn sì máa sọnù.

Ó wá ku èdè. Ká sọ pé ẹnì kan mú ìwé wá fún ìsọdọ̀tun láísẹ́ńsì ilé iṣẹ́ búrẹ́dì ní ọjọ́ 3, oṣù Kẹta, ọdún 2025. Wọ́n wá yẹ ibẹ̀ wò ní ọjọ́ 20. Láísẹ́ńsì tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ máa parí ní ọjọ́ 31, oṣù Karùn-ún. Nígbà tó di ọjọ́ 6, oṣù Karùn-ún, tí kò gbọ́ nǹkan kan, ó kọ èyí:

"Ọ̀gá wa pàtàkì, ẹ kú iṣẹ́ ìlú, kí Ọlọ́run fún yín ní ẹ̀mí gígùn. Mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, ẹ ṣàánú mi, ẹ fún mi ní láísẹ́ńsì mi. Ó ti pẹ́ tí mo ti mú ìwé wá, ẹ kò dá mi lóhùn. Bí mo bá ti ṣẹ̀ yín lọ́nàkọnà, ẹ forí jì mí. Àwọn àgbà ní bó pẹ́ bó yá, akólòlò á pe baba."

Kò sí èébú kankan níbẹ̀, síbẹ̀ ó ṣe é ní jàǹbá lọ́nà mẹ́rin.

Àkọ́kọ́ ni "mo bẹ̀ yín, ẹ ṣàánú mi". Yorùbá ya béèrè, tọrọ àti bẹ̀bẹ̀ sọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ó sì yẹ ká lò wọ́n bẹ́ẹ̀. Ohun tí a tọrọ, ẹni tó ni ín lè fúnni, ó sì lè má fúnni. Ẹni tó bá ń bẹ̀bẹ̀ ti gbà pé òun jẹ̀bi, tàbí pé ohun tí òun fẹ́ kò tọ́ sí òun. Ẹni tó ti san owó tó yẹ, tó sì ti mú gbogbo ìwé tí òfin ní kó mú wá, ń béèrè ni. Nígbà tó bá sọ ọ́ di ẹ̀bẹ̀, ó ti sọ iṣẹ́ òṣìṣẹ́ yẹn di oore, oore kò sì ní déètì tó gbọ́dọ̀ parí. Ẹ̀bẹ̀ náà ní ààyè tirẹ̀ o. Bó bá jẹ́ pé ọjọ́ 9 ló fi pẹ́ kó tó mú ìwé wá, tó sì fẹ́ kí wọ́n fojú fo owó ìtanràn, ó jẹ̀bi lóòótọ́, ọwọ́ ọ̀gá sì ni ọ̀rọ̀ wà. Kó bẹ̀bẹ̀ nígbà yẹn, kó sọ ọjọ́ mẹ́sàn-án náà àti ohun tó fà á, kó dákẹ́.

Ìkejì ni "ẹ kò dá mi lóhùn". "Ẹ" ni ọ̀wọ̀ wa, òun kan náà sì ni ìka tí a nà sí èèyàn lójú. Ọ̀gá tó ń kà á lè má tíì gbọ́ orúkọ ilé iṣẹ́ búrẹ́dì yẹn rí, òun náà ni a wá dá lẹ́bi. Bí a bá fi "wọ́n" rọ́pò rẹ̀, pé "wọn kò dá mi lóhùn", ó tún burú sí i, torí gbogbo ilé á máa wo ara wọn. Gbólóhùn Yorùbá fẹ́ ẹni tàbí nǹkan tó máa jẹ́ olùwà rẹ̀, ibí yìí sì ni ọgbọ́n wà: kí akọ̀wé fi ara rẹ̀ tàbí ìwé náà ṣe olùwà. "N kò tíì rí èsì gbà." "Láísẹ́ńsì náà kò tíì tẹ̀ mí lọ́wọ́." Ohun tó ṣẹlẹ̀ kò yí padà, kò sì sẹ́ni tó lè sọ pé irọ́ ni, àmọ́ kò sí ẹni tí a nàka sí. "Tíì" kékeré yẹn náà ń ṣiṣẹ́ tirẹ̀: ó ń sọ pé a ṣì ń retí. Bí a bá yọ ọ́ kúrò, ẹ̀sùn ló kù.

Ìkẹta ló léwu jù, àwọn èèyàn kì í sì í fura sí i: "bí mo bá ti ṣẹ̀ yín, ẹ forí jì mí". Lẹ́nu, ọ̀rọ̀ ìrẹ̀lẹ̀ ni. Nínú fáìlì, ó ti di àkọsílẹ̀ pé olùbéèrè fúnra rẹ̀ ń fura pé nǹkan kan kù díẹ̀ káàtó. Bí ẹlòmíì bá wá ń wá ìdí tí kò fi yẹ kí láísẹ́ńsì náà jáde, gbólóhùn yẹn ló máa kọ́kọ́ fà yọ. "Ẹ má bínú" náà ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Ìkẹrin ni òwe. Nínú ọ̀rọ̀ ẹnu, ohùn àti ojú ló ń jẹ́ ká mọ̀ bóyá a pa òwe fún èèyàn ni tàbí a pa á mọ́ ọn. Lẹ́tà kò ní ojú. Ọ́fíìsì tó pẹ́ dá èèyàn lóhùn, tó wá kà nípa akólòlò, mọ ẹni tí akólòlò jẹ́.

Lẹ́tà kan náà rèé, bó ṣe yẹ kó rí:

"Ọ̀gá,

Ìsọdọ̀tun láísẹ́ńsì ilé iṣẹ́ búrẹ́dì, nọ́ńbà ìbéèrè 0417

Ní ọjọ́ 3, oṣù Kẹta, ọdún 2025, mo mú ìwé wá sí ọ́fíìsì yín fún ìsọdọ̀tun láísẹ́ńsì tí mo dárúkọ lókè yìí. Àwọn òṣìṣẹ́ yín wá yẹ ilé iṣẹ́ náà wò ní ọjọ́ 20, oṣù kan náà. N kò tíì rí èsì gbà. Láísẹ́ńsì tó wà lọ́wọ́ mi yóò parí ní ọjọ́ 31, oṣù Karùn-ún.

Ẹ jọ̀wọ́, mo fẹ́ mọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà dé, àti bóyá ìwé kan ṣì kù tí mo ní láti mú wá. Ẹ̀dà rìsíìtì owó tí mo san wà pẹ̀lú lẹ́tà yìí.

Ẹ ṣeun.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,"

"Ẹ jọ̀wọ́" ẹyọ kan, "ẹ ṣeun" ẹyọ kan, "yín" láti òkè dé ilẹ̀: ọ̀wọ̀ ti pé. "Àwọn òṣìṣẹ́ yín wá" ló wà níbẹ̀, kì í ṣe "ẹ wá", torí "ẹ" lè túmọ̀ sí pé ọ̀gá fúnra rẹ̀ ló wá. Kò sí ìhalẹ̀ kankan nípa ọjọ́ 31, déètì yẹn ń ṣiṣẹ́ rẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni gbé ohùn sókè. Ìbéèrè nípa ìwé tó kù sì fún òṣìṣẹ́ ní ọ̀nà láti fèsì láìjẹ́ pé ó gbà pé òun ló fi nǹkan falẹ̀. Ìyẹn ló dáa jù nínú gbogbo rẹ̀.

"Ọ̀gá" bá gbogbo ènìyàn mu, ọkùnrin tàbí obìnrin, àgbà tàbí ọ̀dọ́. "Alàgbà" náà gbayì, ṣùgbọ́n ó ti dá ọjọ́ orí lé ẹni tí a kò rí rí. Bí ilé iṣẹ́ ló bá ní ìbéèrè náà, "a" ni kó rọ́pò "mo" láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kí ẹni tó fọwọ́ sí i sì kọ ipò rẹ̀ sábẹ́ orúkọ. Kí orúkọ náà bá ti fọ́ọ̀mù mu lẹ́tà sí lẹ́tà.

Ètò yìí ní àlébù kan tí kò ṣeé fi pamọ́: ẹni tó ní ẹ̀tọ́ ṣùgbọ́n tí kò mọ èdè ọ́fíìsì lè dúró pẹ́ ju ẹni tó mọ̀ ọ́n lọ, àwọn ọ́fíìsì tó sì ń lẹ àpẹẹrẹ lẹ́tà mọ́ ògiri kò pọ̀. Àmọ́ ohun kan wà tó ń gbèjà olùbéèrè níbẹ̀, pé fáìlì kì í gbàgbé. Nítorí náà, bí lẹ́tà kẹta bá di dandan, kí ohùn rẹ̀ má yàtọ̀ sí ti èkejì. Déètì ló máa pọ̀ sí i: "Mo kọ̀wé nípa ọ̀rọ̀ yìí ní ọjọ́ 6, oṣù Karùn-ún." Ní ìsàlẹ̀, a lè fi "Ẹ̀dà sí" kún un, pẹ̀lú ipò ọ̀gá tó ga ju ti àkọ́kọ́ lọ. Bí ìdáhùn bá jẹ́ rárá, lẹ́tà tó kàn kò gbọ́dọ̀ bá ẹnikẹ́ni jiyàn. Kó béèrè pé kí wọ́n kọ ìdí rẹ̀ sílẹ̀, àti ọ́fíìsì tí èèyàn lè pe ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn sí.

Gbogbo èyí kò wúlò bí kò bá sí ẹ̀rí pé lẹ́tà dé. Ẹ̀dà méjì ni kí èèyàn mú lọ, kí ẹni tó ń gba ìwé wọlé lu òǹtẹ̀ sí méjèèjì, kí a sì wo déètì orí òǹtẹ̀ náà dáadáa ká tó kúrò níwájú fèrèsé rẹ̀, torí òǹtẹ̀ tí wọn kò yí ọjọ́ rẹ̀ láti àná wọ́pọ̀ ju bí a ṣe rò lọ.