Bóòtù tó kán mọ́ inú bílọ́ọ̀kù: bí ẹ̀kísítírátọ̀ ṣe ń fà á jáde

Bóòtù wọ́tà pọ́ńpù wà lára àwọn tó máa ń kán mọ́ inú bílọ́ọ̀kù ẹ́ńjìnnì jù. Mọ́tò tókunbọ̀ pọ̀ tó jẹ́ omi ẹ̀rọ lásán ni wọ́n ń dà sí ràdíétọ̀ ẹ̀ dípò kúláǹtì, omi yẹn á máa yọ́ jò gba ẹ̀gbẹ́ gásíkẹ́ẹ̀tì, á rin ìdí bóòtù, ìpẹtà á wá mú bóòtù àti bílọ́ọ̀kù so pọ̀ pátápátá. Ọjọ́ tí wọ́n bá fẹ́ tú u, súpánà wọlé, orí bóòtù rọra ń yí, ẹni tó ń tú u á rò pé ó ti ń gbọ́, àṣé ọrùn ẹ̀ ló ń lọ́, kó tó mọ̀, gbàù! Orí já sílẹ̀, ìyókù bá ojú bílọ́ọ̀kù dọ́gba, kò sí ibi tí pláyà máa dì mú.

Wọ́n á ní kí wọ́n lọ mú ẹ̀kísítírátọ̀ wá. Irin kékeré kan ni, ẹnu ẹ̀ ṣóńṣó, ó ń sanra lọ sẹ́yìn, wọ́n sì ya ojú sí i lára tó ń wé lọ sápá òsì. Wọ́n á fi dírìlì lu ihò sáàárín bóòtù tó kán, wọ́n á ki ẹ̀kísítírátọ̀ bọ inú ihò náà, wọ́n á máa yí i sí òsì, bó ṣe ń yí ló ń jẹ wọ ara bóòtù, àti pé òsì náà ni bóòtù ń gbà tú, torí ẹ̀, tó bá ti dì í mú dáadáa àwọn méjèèjì á jọ jáde.

Ṣùgbọ́n ẹ̀kísítírátọ̀ kì í bá èèyàn tú ìpẹtà o, dídì ló mọ̀. Èyí tó tiẹ̀ burú ni pé bó ṣe sanra lẹ́yìn yẹn, bó ṣe ń wọlé ló ń ti ara bóòtù síta, ó ń fún un mọ́ ojú tíréèdì inú bílọ́ọ̀kù sí i. Tí bóòtù ò bá tíì rọ̀ kí wọ́n tó kì í bọ̀ ọ́, nǹkan kan gbọ́dọ̀ ṣẹ́, ẹ̀kísítírátọ̀ ló sì sábà máa ń ṣẹ́, torí irin tó le gan-an ni, kò mọ bí wọ́n ṣe ń tẹ̀. Tó bá sì kán sínú ẹ̀, bíìtì lásán ò lè lu ú mọ́, á kàn máa yọ̀ lórí ẹ̀ ni.

Ìdí nìyẹn tó fi yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ wo ojú ibi tó ti kán. Tí gbogbo ẹ̀ bá ń dán, tí kò sí ìpẹtà lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ẹnì kan ló fún un jù, irú ìyẹn ò fi bẹ́ẹ̀ le, torí orí tó já yẹn ló ń fà á le tẹ́lẹ̀, ìgbà míì pọ́ńṣì ẹnu ṣóńṣó téèyàn fi ń rọra gbá etí ẹ̀ sápá òsì gan-an á mú un yí. Àmọ́ tó bá pọ́n rúsúrúsú yí ká, iná ló máa kọ́kọ́ rí, kì í ṣe ẹ̀kísítírátọ̀.

Ẹ jẹ́ ká mú bóòtù M8 kan, ìyẹn èyí tó nípọn ní mìlímítà 8, lórí bílọ́ọ̀kù irin kásìtì. Wọ́n wọn èkejì ẹ̀ tó jáde láyọ̀ àti àlàáfíà, ó gùn ní mìlímítà 30 lábẹ́ orí, ti èyí tó já jẹ́ 14, ìyẹn ni pé mìlímítà 16 ló kù nínú bílọ́ọ̀kù. Òǹkà yẹn ṣe pàtàkì gan-an, torí wọ́n á fi téèpù sàmì sára bíìtì níbi 16 yẹn kó má bàa lọ gún ẹ̀yìn ihò, ìgbà míì ọ̀nà omi ẹ́ńjìnnì ló wà lẹ́yìn ẹ̀.

Wọ́n á nu epo bẹntiróòlù tó bá wà nítòsí kúrò pátá, wọ́n á wá fi iná gáàsì yí ibẹ̀ ká, kì í ṣe ojú kan ṣoṣo, torí irin kásìtì lè sán. Tó bá gbóná débi pé àbẹ́là tí wọ́n fi kàn án ń yọ́, wọ́n á jẹ́ kí àbẹ́là náà yọ́ sétí bóòtù, ojú tíréèdì á máa fa á wọlé fúnra ẹ̀. Wọ́n á jẹ́ kó tutù, wọ́n á tún gbé iná sí i. Gbígbóná àti títutù yìí ló ń já ìpẹtà, suúrù ibí yìí sì wúlò ju agbára ọwọ́ lọ. Tó bá jẹ́ bílọ́ọ̀kù alumíníọ̀mù, iná tiẹ̀ tún máa ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ jù, torí alumíníọ̀mù ń fẹ̀ ní bíi ìlọ́po méjì irin.

Ó wá ku àárín. Ojú bóòtù tó kán kì í tẹ́jú, bíìtì á fẹ́ yọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, torí náà wọ́n á kọ́kọ́ fi fáìlì tàbí gíráńdà kékeré tẹ́ ẹ, kí wọ́n tó fi síńtà pọ́ńṣì gún àárín ẹ̀. Ọgbọ́n kan wà tó dáa ju ojú lásán lọ: kí wọ́n dá wọ́tà pọ́ńpù tó ti bàjẹ́ yẹn padà sórí bílọ́ọ̀kù, kí wọ́n fi àwọn bóòtù yòókù dè é, kí tọ́ọ̀nà sì bá wọn gé búúṣì kékeré kan tó máa wọ ihò pọ́ńpù náà ṣinṣin, tí ihò inú ẹ̀ jẹ́ mìlímítà 4. Inú búúṣì yẹn ni bíìtì á gbà, kò sọ́nà tó máa fi yà, àmọ́ kí wọ́n ro ìwọ̀n láti ẹnu búúṣì dé ojú bílọ́ọ̀kù mọ́ 16 yẹn tí wọ́n bá ń fi téèpù sàmì. Owó tọ́ọ̀nà yẹn ò tó nǹkan kan lára owó bílọ́ọ̀kù jàre.

Kí ló dé tó fi jẹ́ 4? Tí wọ́n bá yọ tíréèdì kúrò, inú bóòtù M8 ò ju bíi mìlímítà 6 ààbọ̀ lọ, ihò 4 á ṣẹ́ ohun tó lé díẹ̀ ní mìlímítà 1 kù lọ́tùn-ún lósì. Tí ihò bá tóbi jù, ara tó kù á fẹ́lẹ́, ẹ̀kísítírátọ̀ á tètè fẹ̀ ẹ́ mọ́ bílọ́ọ̀kù. Tó bá kéré jù, ẹ̀kísítírátọ̀ tó máa wọ̀ ọ́ á tínrín, á ṣẹ́. Dírìlì ò gbọ́dọ̀ sáré, kí ọ́ìlì máa kán sí i, kí wọ́n sì máa wo ohun tó ń jáde lẹ́nu bíìtì. Tó bá jẹ́ ara bóòtù ló ń jẹ, irin tó ń wé lọ́ọ́lọ́ọ́ ló ń jáde. Tó bá yí di lẹ́búlẹ́bú dúdú, kí wọ́n dúró lójú ẹsẹ̀, bíìtì ti ya wọ bílọ́ọ̀kù nìyẹn, kásìtì ló ń jẹ. Ẹni tó bá rí bíìtì tó ń yí sí òsì rà, kó lò ó, nígbà míì bóòtù á ti tẹ̀lé e jáde kí ọ̀rọ̀ tiẹ̀ tó kan ẹ̀kísítírátọ̀.

Tí ihò ti tán, wọ́n á fẹ́ gbogbo ìdọ̀tí inú ẹ̀ jáde, wọ́n á fi hámà kékeré gbá ẹ̀kísítírátọ̀ wọlé díẹ̀, ṣáà kó ti rí ibi jẹ. Ọwọ́ alápá méjì tí wọ́n fi ń yí tápù tíréèdì ni kí wọ́n fi yí i, kí ọwọ́ méjèèjì tẹ̀ ẹ́ bákan náà, torí súpánà á máa fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ẹ̀gbẹ́ yẹn ló sì máa ń kán an. Ọwọ́ á sọ fún èèyàn: tí bóòtù bá gbọ́, á kọ́kọ́ ké kíì, á wá máa rọ̀ bó ṣe ń bọ̀. Àmọ́ tó bá ń lọ́, tó jẹ́ pé bí wọ́n ṣe ń jọ̀wọ́ ẹ̀ ló ń tà padà, bóòtù ò tíì kúrò lójú kan o, ẹ̀kísítírátọ̀ fúnra ẹ̀ ló ń lọ́. Kí wọ́n yọ ọ́, kí wọ́n padà sídìí iná àti àbẹ́là.

Tó bá kọ̀ jálẹ̀, wẹ́dà lè mọ irin lé orí bóòtù náà títí á fi yọ sókè, kó wá wẹ́ẹ̀dì nọ́ọ̀tì lé e, ooru wẹ́dìn yẹn gan-an máa ń já ìpẹtà. Tí ẹ̀kísítírátọ̀ bá ti wá kán sínú ẹ̀ ńkọ́? Bíìtì kábáídì, tàbí ilé iṣẹ́ tó ní ẹ̀rọ tó ń fi iná mànàmáná jẹ irin, owó ńlá sì nìyẹn.

Tó bá ti jáde, tápù M8 tí ojú tíréèdì ẹ̀ fi mìlímítà 1.25 jìnnà síra ni wọ́n á fi rọra fọ ojú ihò, bóòtù tuntun á wọlé, tí ihò náà bá sì já sínú ọ̀nà omi, kí wọ́n fi síláǹtì pa tíréèdì ẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, omi á tún máa jò gba ìdí ẹ̀.